Ọjọ́ Mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n Lábẹ́ Ìtànṣán

Nínú ìwé ìtọ́jú obìnrin tó ní jẹjẹrẹ ẹnu ilé-ọmọ, ìlà kan wà tó máa ń ya ẹbí lẹ́nu: gréè 50, ìpín 25. Gréè ni òṣùwọ̀n tí àwọn oníṣègùn fi ń ka iye ìtànṣán tó wọ ara. Ohun tí ìlà yẹn ń sọ ni pé obìnrin náà yóò gba gréè 2 lójúmọ́, láti ọjọ́ Ajé títí di ọjọ́ Ẹtì, fún ọ̀sẹ̀ márùn-ún gbáko. Àkókò tó ń lò lábẹ́ ẹ̀rọ kò pọ̀. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ni, kò sì ní í dùn ún. Ọ̀nà ni wàhálà: kí èèyàn máa ti Ṣakí tàbí Ògbómọ̀ṣọ́ wá sí UCH n'Ìbàdàn, tàbí kó máa wá ibi tí yóò wọ̀ sí nítòsí LUTH ní Ìdí-Àràbà l'Ékòó. Abájọ tí àwọn ọmọ àti ọkọ fi máa ń bi dókítà pé, "Ẹ ò ṣe kúkú fún wọn ní gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ká lè máa relé?"

Ìbéèrè tó mọ́gbọ́n dání ni. Àwọn tó kọ́kọ́ fi ìtànṣán wo jẹjẹrẹ sàn pàápàá bi ara wọn bẹ́ẹ̀, ó sì gbà wọ́n ní ọgbọ̀n ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ kí wọ́n tó rí ìdáhùn tó tẹ́ wọn lọ́rùn. Kí ìdáhùn yẹn tó lè yé wa, ó yẹ ká kọ́kọ́ mọ ohun tí ìtànṣán ń ṣe gan-an nígbà tó bá wọ inú ara.

Ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé ńṣe ni ẹ̀rọ náà ń fi iná jó kókó jẹjẹrẹ. Kì í ṣe iná rárá. Bí ìtànṣán gréè 4 bá ba gbogbo ara àwọn èèyàn lẹ́ẹ̀kan náà, tí wọn kò sì rí ìtọ́jú, nǹkan bí ìdajì wọn ni yóò kú láàárín oṣù méjì. Síbẹ̀ ooru tó wà nínú gréè 4 yẹn kò tó ti ṣíbí ẹ̀kọ gbígbóná kan. Nǹkan bí ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún dígírì péré ló lè fi kún ooru ara. Nítorí náà, kì í ṣe pípọ̀ ni agbára ìtànṣán fi ń pa sẹ́ẹ̀lì. Ibi tí agbára náà ń bà ló ṣe pàtàkì, ibẹ̀ sì ni DNA.

Ọ̀rọ̀ ta-ló-lọmọ ni ọ̀pọ̀ wa ti kọ́kọ́ gbọ́ orúkọ DNA, ṣùgbọ́n iṣẹ́ rẹ̀ ju ìyẹn lọ. Òun ni ìwé àṣẹ tí sẹ́ẹ̀lì fi ń ṣe gbogbo ohun tó ń ṣe, títí kan bó ṣe ń pín sí méjì. Ó jẹ́ okùn méjì tó lọ́ mọ́ra, tó tín-ín-rín tó bẹ́ẹ̀ tí fífẹ̀ rẹ̀ kò ju ìdá méjì nínú bílíọ̀nù mítà. Ohun tó wà lára okùn kìíní ló ń sọ ohun tó gbọ́dọ̀ wà lára okùn kejì, tí ọ̀kan bá bàjẹ́, èkejì wà níbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹ̀dà tí sẹ́ẹ̀lì lè wò tún un ṣe.

Nígbà tí ìtànṣán bá wọ inú sẹ́ẹ̀lì, ó máa ń lé àwọn ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù kúrò ní ipò wọn. Ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù tó sá jáde yìí á máa sáré kiri, ohun tó sì máa ń pàdé jù ni omi, nítorí omi ló pọ̀ jù nínú sẹ́ẹ̀lì. Bó bá lu omi, omi náà á fọ́ sí wẹ́wẹ́, èérún kan á sì jáde tí kò lè dá dúró, tó jẹ́ pé ohun tó bá wà nítòsí ló máa já nǹkan gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Èérún yìí kì í lò ju nǹkan bí ìdá kan nínú bílíọ̀nù ìṣẹ́jú-àáyá lọ kó tó parẹ́. Bó bá jẹ́ pé ẹ̀gbẹ́ DNA ni wọ́n ti bí i, àkókò yẹn tó fún un láti gé okùn. Nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta ìbàjẹ́ tí ìtànṣán ilé ìwòsàn ń ṣe sí DNA ló ń gba ọwọ́ omi yìí kọjá. Ìyókù ni ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe.

Àwọn onímọ̀ ti ka ìbàjẹ́ náà. Gréè kan ṣoṣo máa ń gé okùn kan ní nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ibi nínú sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan. Ó máa ń gé okùn méjèèjì pa pọ̀ ní nǹkan bí ogójì ibi. Ẹni tó bá gbọ́ ẹgbẹ̀rún lè rò pé níbẹ̀ ni ikú wà, ṣùgbọ́n ogójì yẹn ni. Gígé okùn kan kì í ṣòro tún ṣe: òṣìṣẹ́ purotéènì inú sẹ́ẹ̀lì á wo okùn tó kù, á sì fi dí àlàfo náà láìpẹ́. Bí okùn méjèèjì bá gé ní ojú kan náà, kò sí ẹ̀dà nítòsí mọ́. Sẹ́ẹ̀lì lè wá ẹ̀dà níbòmíràn bó bá jẹ́ pé ó ti da DNA rẹ̀ kọ tán ní ìmúrasílẹ̀ láti pín, àmọ́ lọ́pọ̀ ìgbà, ńṣe ló kàn máa ń so ojú ibi tó gé mọ́ ojú ibi mìíràn tó bá rí. Ìgbà mìíràn ó so ó bó ṣe yẹ. Ìgbà mìíràn, ó so orí okùn kan mọ́ ìdí òmíràn.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti ń yani lẹ́nu ni pé sẹ́ẹ̀lì tí wọ́n so okùn rẹ̀ lódì kì í kú lójú ẹsẹ̀. Ó lè máa jẹun, kó máa mí, bíi pé kò sí ohun tó ṣe é, fún ọjọ́ mélòó kan. Ìgbà tó bá fẹ́ pín sí méjì ni àṣírí á tú. Kúrómósóòmù tí wọ́n so lódì kò ní í lè lọ sí apá méjì bó ṣe yẹ, á máa fà síhìn-ín fà sọ́hùn-ún títí yóò fi já, sẹ́ẹ̀lì náà á sì kú síbi tó ti ń bímọ, tàbí kí àwọn ọmọ rẹ̀ kú lẹ́yìn ìran kan tàbí méjì. Ìdí nìyí tí kókó jẹjẹrẹ kì í fi í sábà rọ̀ lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́. Òun náà ni kò fi yẹ kí ẹnikẹ́ni sọ̀rètí nù nítorí pé kókó náà ṣì wà lọ́jọ́ tí ìtọ́jú parí, nítorí ó lè máa rọ̀ fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ lẹ́yìn náà.

Jẹjẹrẹ ẹnu ilé-ọmọ ní àléébù kan tó jẹ́ kí ìtànṣán rí i mú. Sẹ́ẹ̀lì tó dá ṣáṣá ní ẹ̀ṣọ́ kan tó ń jẹ́ p53. Bí DNA bá gé, ẹ̀ṣọ́ yìí á ní kí sẹ́ẹ̀lì dúró, kó má pín títí àtúnṣe yóò fi parí. Èyí tó pọ̀ jù nínú jẹjẹrẹ ẹnu ilé-ọmọ ló ti ọwọ́ fáírọ́ọ̀sì HPV wá, fáírọ́ọ̀sì náà sì máa ń ṣe purotéènì kan tó ń jẹ́ E6 tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti pa p53 run. Ohun tó jẹ́ kí jẹjẹrẹ náà máa pín láìsí ẹni tó ń dá a dúró nìyẹn. Ohun náà ló tún fi ń tètè sáré wọ inú ìpínyà pẹ̀lú okùn tó ṣì gé lọ́wọ́.

Ìwọ̀n ikú yìí, inú sẹ́ẹ̀lì obìnrin kan tó ní jẹjẹrẹ yìí gan-an ni wọ́n ti kọ́kọ́ wọ̀n ọ́n dáadáa. Henrietta Lacks ni orúkọ rẹ̀, obìnrin aláwọ̀ dúdú ni, ilé ìwòsàn Johns Hopkins ní Bálítímọ̀ ni wọ́n sì ti tọ́jú rẹ̀ lọ́dún 1951. Wọ́n mú lára kókó rẹ̀ láì gbàṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀, àwọn sẹ́ẹ̀lì náà sì ń pín títí dòní ní ilé àyẹ̀wò káàkiri ayé lábẹ́ orúkọ HeLa. Òun fúnra rẹ̀ kú lọ́dún yẹn kan náà. Lọ́dún 1956, Theodore Puck àti Philip Marcus fún sẹ́ẹ̀lì HeLa ní ìtànṣán oríṣiríṣi ìwọ̀n, wọ́n dà wọ́n sínú àwo, wọ́n sì dúró fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Sẹ́ẹ̀lì tó bá lè bímọ títí di agbo ńlá tó hàn sójú ni wọ́n kà sí alààyè. Èyí tí kò bá lè bímọ mọ́, ìbáà máa mí, òkú ni lójú wọn. Òye yẹn ṣì ni ìtọ́jú onítànṣán dúró lé lórí: ohun tí dókítà ń lé ni bí sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ kò ṣe ní í lè bímọ mọ́.

Ó wá ṣeé ṣe láti ṣírò. Ọ̀pọ̀ jẹjẹrẹ ló jẹ́ pé bí wọ́n bá gba gréè 2, nǹkan bí ìdajì sẹ́ẹ̀lì wọn ló máa ń yè é. Kókó tó tóbi tó sẹ̀ǹtímítà kan gbọọrọ ní gbogbo ìhà lè ní sẹ́ẹ̀lì bílíọ̀nù kan nínú. Lọ́jọ́ kìíní, ìdajì bílíọ̀nù ló kù. Lọ́jọ́ kejì, ìdajì ìyẹn. Bí a bá ń gé e sí ìdajì lọ báyìí fún ọjọ́ 25, nǹkan bí ọgbọ̀n sẹ́ẹ̀lì ló máa kù nínú bílíọ̀nù kan. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Ẹ jẹ́ ká fi ọgbọ̀n sẹ́ẹ̀lì yìí sọ́kàn, nítorí sẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo tó bá kù lè dá kókó náà padà.

Bó bá rí bẹ́ẹ̀, kí ló dé tí wọn kò kúkú gé gbogbo rẹ̀ lọ́jọ́ kan?

Àgbò ló kọ́kọ́ dáhùn. Ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn, Claudius Regaud, tó ń ṣiṣẹ́ ní Ilé-Ẹ̀kọ́ Rédíọ́ọ̀mù ní Páríìsì, ń fi ìtànṣán tẹ àwọn àgbò lọ́dàá. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹran ọ̀sìn ló ń lé. Ó rí i pé ibi tí àtọ̀ ti ń jáde nínú kórópọ̀n jọ jẹjẹrẹ, nítorí sẹ́ẹ̀lì ibẹ̀ kì í sinmi pípín, nígbà tí awọ ẹpọ̀n dúró fún ara tó dá ṣáṣá tó yí jẹjẹrẹ ká. Nígbà tó fún àgbò ní ìtànṣán lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kò sí bó ṣe lè tẹ̀ ẹ́ lọ́dàá láìjẹ́ pé awọ náà bàjẹ́ kọjá sísọ. Nígbà tó pín in sí ọjọ́ púpọ̀, àgbò náà ya àgàn, awọ rẹ̀ kò sì bàjẹ́ púpọ̀. Ọ̀rẹ́ iṣẹ́ rẹ̀, Henri Coutard, gbé ọgbọ́n náà lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ní jẹjẹrẹ ọ̀nà ọ̀fun, ó ń pín ìtànṣán wọn sí ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀. Nínú àwọn tí wọ́n ti gbà pé wọn kò ní í yè é, àwọn kan yè é. Láti ìgbà náà ni ìtọ́jú onítànṣán ti gba ojú ọ̀nà tó wà lónìí.

Regaud rí ohun tó ń ṣẹlẹ̀, àmọ́ ìdí rẹ̀ ṣì pa mọ́. Lónìí, a mọ̀ pé ọ̀nà méjì ni ìtànṣán ń gbà pa sẹ́ẹ̀lì. Ọ̀nà kìíní ni kí ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù kan ṣoṣo gé okùn méjèèjì nínú ìrìn kan. Èyí kò bìkítà bóyá wọ́n pín ìtànṣán tàbí wọn kò pín in. Ọ̀nà kejì ni kí ìbàjẹ́ méjì tí orísun wọn yàtọ̀ pàdé ara wọn kí sẹ́ẹ̀lì tó rí àyè tún ìkíní ṣe. Èyí máa ń pọ̀ sí i lọ́nà àrà: bí o bá sọ ìtànṣán di ìlọ́po méjì, ó di ìlọ́po mẹ́rin. Bí o bá sọ ọ́ di ìlọ́po mẹ́wàá, ó di ìlọ́po ọgọ́rùn-ún.

Ibi tí jẹjẹrẹ àti ara wa ti yà nìyí. Sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ tó ń yára pín máa ń kú ní ọ̀nà kìíní jù. Àwọn ẹran ara tí kì í tètè pín, irú bí ògiri àpò ìtọ̀, iṣan ẹ̀jẹ̀ kéékèèké àti ara ìfun ìdí, máa ń rọ́jú sí ọ̀nà kìíní, wọ́n ní àkókò, wọ́n ní ẹ̀ṣọ́, wọ́n sì ń tún nǹkan ṣe. Ọ̀nà kejì ló máa ń mú wọn. Nítorí náà, bí ìpín ojoojúmọ́ bá kéré, ọ̀nà kejì á fẹ́rẹ̀ẹ́ má ṣiṣẹ́, ara á bọ́, jẹjẹrẹ kò sì ní í bọ́. Bí ìpín bá tóbi, àpò ìtọ̀ á jìyà ju jẹjẹrẹ lọ.

Àwọn onímọ̀ ní ìṣirò kékeré kan tí wọ́n fi ń wọn ìyàtọ̀ yìí. Wọ́n á mú àpapọ̀ gréè, wọ́n á sọ ọ́ di púpọ̀ pẹ̀lú 1 + (ìpín kan ÷ iye kan tó bá irú ẹran ara náà mu). Iye náà máa ń sún mọ́ 10 fún ọ̀pọ̀ jẹjẹrẹ, ó sì máa ń sún mọ́ 3 fún ara tí kì í tètè pín. Ẹ jẹ́ ká padà sọ́dọ̀ obìnrin wa:

50 × (1 + 2 ÷ 10) = 60 fún jẹjẹrẹ
50 × (1 + 2 ÷ 3) = 83 fún àpò ìtọ̀

Ká wá sọ pé dókítà gbà fún ẹbí, tó ní òun fẹ́ parí ẹ̀ lọ́jọ́ kan. Gréè 20 lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ni yóò fún jẹjẹrẹ ní ìyà tó dọ́gba pẹ̀lú ti tẹ́lẹ̀:

20 × (1 + 20 ÷ 10) = 60 fún jẹjẹrẹ
20 × (1 + 20 ÷ 3) = 153 fún àpò ìtọ̀

Ẹ wò ó bí jẹjẹrẹ kò ṣe mọ̀ pé nǹkan yí padà, tí àpò ìtọ̀ sì ti lọ láti 83 dé 153. Bí a bá tú 153 yẹn sí ìpín gréè 2 tí a mọ̀, ńṣe ló dà bíi pé wọ́n fún gbogbo àpò ìtọ̀ náà ní gréè 92. Àpò ìtọ̀ wo ló fẹ́ gba ìyẹn? Ìṣirò náà kì í fi bẹ́ẹ̀ péye mọ́ bí ìpín bá ti tóbi jù, a kò sì gbọ́dọ̀ di 153 mú bí ohun tí wọ́n fi òṣùwọ̀n wọ̀n. Ibi tó ń tọ́ka sí ló dájú: àpò ìtọ̀ tó ń jò, ìfun tó ń ṣẹ̀jẹ̀, ihò láàárín àpò ìtọ̀ àti ojú ara tí ìtọ̀ ń gbà jáde láìdúró.

Báwo ni a ṣe mọ̀ pé sẹ́ẹ̀lì ń tún ara ṣe láàárín ìpín kan sí òmíràn? Lọ́dún 1959, Mortimer Elkind àti Harriet Sutton fún sẹ́ẹ̀lì tó wá láti ara eku ilẹ̀ Ṣáínà ní ìtànṣán. Wọ́n fún àwọn kan ní gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Wọ́n pín ti àwọn mìíràn sí méjì, pẹ̀lú wákàtí mélòó kan láàárín. Àwọn tí wọ́n pín tiwọn yè jù. Nínú àlàfo yẹn, àwọn ìbàjẹ́ kéékèèké ti dí, èyí tó bá wá lẹ́yìn kò bá ẹnì kejì mọ́. Láti inú irú àyẹ̀wò báyìí ni òfin kan ti jáde tí gbogbo ilé ìwòsàn onítànṣán ń tẹ̀ lé: bó bá di dandan láti fún èèyàn ní ìpín méjì lọ́jọ́ kan, ó kéré tán wákàtí mẹ́fà gbọ́dọ̀ wà láàárín wọn.

Àǹfààní mìíràn tún wà nínú pípín tí kò kan àtúnṣe, ọ̀rọ̀ ọ́síjìn ni. Èérún omi tó gé DNA ṣì lè jẹ́ kí ojú ibi tó gé náà padà so. Bí ọ́síjìn bá wà nítòsí, ó máa ń lẹ̀ mọ́ ojú ọgbẹ́ náà, kò sì ní í jẹ́ kó padà. Sẹ́ẹ̀lì tí kò rí ọ́síjìn lè nílò ìtànṣán tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́ta kó tó kú. Jẹjẹrẹ ńlá sì máa ń ní àárín tí ẹ̀jẹ̀ kò dé. Bí ìpín ọjọ́ àkọ́kọ́ bá ti pa àwọn tó wà létí, tí kókó náà ń kéré sí i, ọ́síjìn á máa ráyè wọ àárín, àwọn tó sá pamọ́ lánàá á sì di ẹni tí ìtànṣán lè mú lọ́la. Èyí ni ìdí kan tí dókítà fi máa ń yẹ iye ẹ̀jẹ̀ obìnrin tó ní jẹjẹrẹ ẹnu ilé-ọmọ wò lemọ́lemọ́, nítorí àrùn náà máa ń mú kí ẹ̀jẹ̀ dà lára wọn.

Ṣùgbọ́n pípín ìtànṣán ní ewu tirẹ̀, orí rẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ọmọ wa ń sọ ẹ̀mí nù sí. Ọjọ́ tí ara ń rí fún àtúnṣe ni jẹjẹrẹ ń rí fún bíbímọ. Ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kẹta tàbí ìkẹrin, àwọn sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ tó kù máa ń yára pín ju bí wọ́n ṣe ń ṣe tẹ́lẹ̀ lọ. Nítorí náà ni wọ́n fi ní kí gbogbo ìtọ́jú jẹjẹrẹ ẹnu ilé-ọmọ, láti ọjọ́ àkọ́kọ́ dé ọjọ́ ìkẹyìn, má kọjá ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ. Àwọn àyẹ̀wò tí wọ́n ti ṣe fi hàn pé ọjọ́ kọ̀ọ̀kan tó bá lé sí i ń mú kí ìrètí pé kókó náà kò ní í padà dín kù ní nǹkan bí ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹ̀rọ tó bá bàjẹ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì, tàbí owó ọkọ̀ tó tán, tàbí òkú tí wọ́n lọ sin nílé, gbogbo rẹ̀ ni jẹjẹrẹ ń kà. Kò dọ́gba pẹ̀lú oògùn tí èèyàn gbàgbé láti lò lánàá, tó wá lò lónìí.

Nínú ọ̀sẹ̀ márùn-ún yẹn náà, wọ́n máa ń fún ọ̀pọ̀ aláìsàn ní oògùn sísípílátíìnì lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, bí kíndìnrín wọn bá gbà á. Oògùn náà máa ń lẹ̀ mọ́ DNA, á sì máa dí àtúnṣe lọ́wọ́. Àwọn àyẹ̀wò ńlá tó jáde lọ́dún 1999 fi hàn pé àwọn tó gba méjèèjì pa pọ̀ yè ju àwọn tó gba ìtànṣán nìkan lọ.

Ó wá ku ọgbọ̀n sẹ́ẹ̀lì wa. Kókó gidi sì máa ń tóbi ju sẹ̀ǹtímítà kan lọ, ohun tó kù máa ń ju ọgbọ̀n lọ dáadáa. Dókítà kò lè máa ti ìta fún un lọ títí, nítorí àpò ìtọ̀ àti ìfun ìdí ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ohun tí wọ́n lè gbà. Nítorí náà, wọ́n máa ń ti ọ̀pá tín-ín-rín gba ojú ara wọnú ilé-ọmọ, wọ́n á sì fi ẹ̀rọ rán hóró kékeré tó ń tan ìtànṣán, irú bí irídíọ́ọ̀mù tàbí kóbọ́ọ̀tì, wọ inú ọ̀pá náà fún ìṣẹ́jú mélòó kan. Gréè 7 lẹ́ẹ̀kan, ní ẹ̀ẹ̀mẹ́ta tàbí ẹ̀ẹ̀mẹ́rin, jẹ́ ọ̀kan nínú ètò tí wọ́n máa ń lò. Ìpín tó tóbi nìyẹn, ó sì dà bíi pé ó tako gbogbo ohun tí a ti ń sọ bọ̀. Ohun tó gba ara là níhìn-ín ni ọ̀nà jíjìn: bí ibi kan bá fi ìlọ́po méjì jìnnà sí hóró náà, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin ìtànṣán náà ló máa dé ibẹ̀. Jẹjẹrẹ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ hóró, àpò ìtọ̀ wà lọ́ọ̀ọ́kán. Ẹni tó bá gba ìpín 25 látìta, tó wá sá nítorí ọ̀pá yìí, ó fi iṣẹ́ sílẹ̀ láìparí. Mo sọ ọ́ tọkàntọkàn, nítorí ìtìjú àti ìbẹ̀rù ibẹ̀ ti lé ọ̀pọ̀ obìnrin padà sílé.

Ara tó dá ṣáṣá kò bọ́ pátápátá o. Ìgbẹ́ gbuuru, ìtọ̀ tó ń ta ni, àti àárẹ̀ máa ń bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kejì sí ìkẹta, nítorí awọ inú ìfun, tó ń pín lójoojúmọ́ bíi ti jẹjẹrẹ, ló kọ́kọ́ ń mọ̀ ọ́n. Àwọn wọ̀nyí máa ń rọlẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn ìtọ́jú. Ìpalára ẹran ara tí kì í tètè pín ló máa ń pẹ́ kó tó hàn: oṣù mẹ́fà, ọdún kan, ọdún mẹ́ta. Bí ẹ̀jẹ̀ bá ń jáde nínú ìgbẹ́ tàbí nínú ìtọ̀ lákòókò yẹn, tàbí tí ìtọ̀ ń jò, ilé ìwòsàn tó fúnni ní ìtànṣán ni kí èèyàn padà sí. Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ni jẹjẹrẹ tó padà, kì í sì í ṣe ohun tí agbo lè wò sàn.

Ẹlòmíràn á bi pé, ọ̀rẹ́ mi tó ní jẹjẹrẹ ọmú, ọ̀sẹ̀ kan ló fi gbà á tán. Òótọ́ ni. Jẹjẹrẹ ọmú kò jọ èyí tí a ń sọ. Iye tirẹ̀ nínú ìṣirò yẹn kò tó 10, ó sún mọ́ ti ara tó dá ṣáṣá, nítorí náà èrè tó wà nínú pípín in wẹ́wẹ́ kò pọ̀. Àyẹ̀wò kan tí wọ́n ṣe ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí àbájáde rẹ̀ jáde lọ́dún 2020, fi hàn pé gréè 26 ní ìpín márùn-ún láàárín ọ̀sẹ̀ kan dára tó gréè 40 ní ìpín 15. Bákan náà, ẹni tí jẹjẹrẹ ti wọ eegun rẹ̀, tó jẹ́ pé ìrora nìkan ni wọ́n fẹ́ rọ̀, lè gba gréè 8 lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kó sì rí ìtura tó dọ́gba pẹ̀lú ti ẹni tó gba ọ̀pọ̀ ìpín. Ohun tí dókítà ń lé àti irú sẹ́ẹ̀lì tó ń bá jà ló ń pinnu iye ọjọ́.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ń mú ìyá tàbí àbúrò yín lọ gba ìtànṣán, ẹ béèrè ohun mẹ́ta kí ìtọ́jú tó bẹ̀rẹ̀: ọjọ́ mélòó ni gbogbo rẹ̀ máa gbà, títí kan ti inú ilé-ọmọ, kí ni ilé ìwòsàn máa ṣe bí ẹ̀rọ bá bàjẹ́ láàárín, ibo ni wọ́n sì lè gbé e lọ. Ẹ wá owó ọkọ̀ àti ibi tí yóò wọ̀ sí sílẹ̀ ṣáájú ọjọ́ kìíní, kì í ṣe ní ọ̀sẹ̀ kẹta. Bí ọjọ́ kan bá sì bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́, ẹ má ṣe dúró dìgbà tí ẹnì kan yóò pè yín. Ẹ lọ bá dókítà lọ́jọ́ kejì, kí ẹ ní kí ó ṣírò bí wọ́n ṣe máa dí àlàfo náà, bóyá pẹ̀lú ìpín méjì lọ́jọ́ kan tí wákàtí mẹ́fà wà láàárín wọn, tàbí ní òpin ọ̀sẹ̀.